Ṣílíva Tó Ń Dán

Ní abúlé wa, Gornji Brezak, kò sí òfin tó ní kéèyàn fi fọ́tò èso rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹnjiníà Desanka kó tó kórè. Kò sí òfin tó ní kéèyàn kí àgbà láàárọ̀ náà. Ẹni tí kò bá kí wọn á kàn ṣàkíyèsí pé ojú tí wọ́n fi ń wo òun ti yàtọ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ọ̀gbìn èso ni Ẹnjiníà lọ kọ́ ní Belgrade nígbà tí obìnrin ṣì ṣọ̀wọ́n nídìí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ó padà wálé, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ gbogbo oko tó wà lórí òkè yìí, títí ó fi ṣubú lọ́dún kan tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Dókítà ní gegele òun kòtò ò sí fún un mọ́. Kò bá a jiyàn. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé rẹ̀, ó gbé fóònù gbàgàdà kan tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ lé itan, ó ní bí òun ò bá lè lọ bá igi mọ́, kí igi máa wá bá òun.

Ilé mi ló kángun sí tiẹ̀. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti máa ń mu kọfí ọ̀sán, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ. Ọkùnrin kan fi fọ́tò ṣẹ́rì ránṣẹ́ sí i níṣojú mi, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ẹnjiníà ò tilẹ̀ wo ara èso ọ̀hún. Igi tín-ín-rín tó so ó kọ́ ló tẹjú mọ́. Ó ní, "Igi ìdí rẹ̀ ti gbẹ bíi ti ìgbálẹ̀. Èyí tí wọ́n ká láàárọ̀, igi rẹ̀ á ṣì tutù, á rí bí ewé. Tíṣà, bá mi kí i pé ó kú ìjẹta." Lọ́jọ́ mìíràn, ápù ni, tí àmì dúdú ta sí lára, tí ẹni tó ni ín ti ń dárò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹnjiníà fi ìka méjì na fọ́tò náà títí àmì kan ṣoṣo fi gba gbogbo ojú fóònù. "Èépá lásán ni, kò kọjá awọ. Ó le, ó gbẹ, kò rì wọlé. Ìdíbàjẹ́ tòótọ́ a máa rì, etí rẹ̀ a máa rọ̀ bí ẹni fi omi sí i, tó o bá sì wò ó lọ́la, á ti fẹ̀ sí i. Bó èèpo rẹ̀ kóo jẹ ẹ́." Ọkùnrin náà bó o, ó jẹ ẹ́, ara rẹ̀ le títí di òní.

Bí mo bá ní ẹ̀bùn yẹn ni, bóyá èmi náà á máa gbéra ga. Ẹnjiníà kì í wo fọ́tò kankan láìjẹ́ pé ó ti ya irun rẹ̀, ó ti kun ètè, bí ẹni pé èso náà ń wo òun padà. Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀, níbi tí wọ́n gbé àwòrán gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì kọ́ sí ara ògiri, tiẹ̀ nìkan ló dàbí pé wọ́n lọ̀ ọ́ bí aṣọ. Ayàwòrán kan ní ìlú ló bá a nu gbogbo ìlà ogbó ojú rẹ̀ kúrò. Àlejò tó bá wọ ọ́fíìsì náà a máa béèrè pé ọmọ ta ni omidan yìí. A ó ní kò sí ńlé.

Ní òdìkejì odò kékeré ni Ratomir Lazović ń gbé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kosara, sì wà ní Novi Sad. Kosara ló ra fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa fún un. Láti ọjọ́ náà, adìyẹ Ratomir ò lè yé ẹyin kí gbogbo abúlé má rí i lórí fóònù wọn.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún tí mò ń sọ yìí, Kosara bí ọmọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Vukan. Lọ́dọ̀ wa, ọdún tí wọ́n bá bí ọmọ, èso ṣílíva ọdún náà gan-an ni wọ́n fi ń pọn ràkíyà, ọtí líle rẹ̀. Wọ́n á rọ ọtí náà sínú àgbá, wọ́n á dé e, ó di ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà kí wọ́n tó ṣí i. Ṣílíva ọdún tó tẹ̀ lé e kò ṣe é lò; ọmọ ẹlòmíràn ló ni ín. Bàbá ọmọ ló yẹ kó ṣe èyí, àmọ́ ọkọ Kosara jẹ́ ará ìlú tí kò ní igi kankan àyàfi èyí tó gbìn sínú ìkòkò lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ni ó di ọrùn Ratomir.

Ratomir sì ní ọgbẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún tí wọ́n bí Kosara, yìnyín bọ́ lu oko rẹ̀. Ó sáré kó àjẹkù èso jọ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó fi kún àgbá. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n ṣí i, àwọn àlejò mu ún pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ilé. Àbúrò ìyá ọkọ ìyàwó nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní ó dára, ó dára púpọ̀, pàápàá láti fi ra orúnkún tó ń roni.

Ẹni tó bá mọ ìyeyè lè fojú inú wo ṣílíva: kó mú ìyeyè, kó rẹ ẹ́ sínú aró títí yóò fi dúdú, kó sì bu ẹfun díẹ̀ sí i lára. Ẹfun yẹn ni kéèyàn má gbàgbé. Gbogbo ṣílíva tó bá wà lórí igi ló ní in, funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ ọmọ tí ọyẹ́ lù. Bí ìka bá kàn án, ó tán síbẹ̀, kì í tún padà.

Ìgbà tí oṣù kẹjọ ń lọ sópin, rédíò ní òjò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni fọ́tò Ratomir bọ́ sórí fóònù gbogbo wa. Ó tẹ́ aṣọ pupa sórí tábìlì lábẹ́ àjàrà, ó to ṣílíva sórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì fi wúrà bo gbogbo rẹ̀. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán bí bàtà ọ̀gá ológun. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Fún Vukan. Ọ̀la la ó gbọn igi kí òjò tó dé."

Abúlé pàtẹ́wọ́. Bogoljub, tí oko rẹ̀ bá tiẹ̀ pààlà, kọ ọ́ pé òun náà á gbọn tòun. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà wọlé: "Ṣé ọṣẹ lẹ̀ ń tà ni?"

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà; kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ẹsẹ̀ Ratomir lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ kú ìjókòó, Ẹnjiníà."

"Ìwọ náà kú ìrìn. Tíṣà, gbé àga fún un."

"Mi ò jókòó. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín, tẹ́ ẹ fi pe ṣílíva mi ní ọṣẹ lójú gbogbo ayé."

"Mi ò pè é ní ọṣẹ. Mo béèrè ni. Kí lo fi pa á lára?"

Ratomir wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo tú àṣírí. "Òróró díẹ̀. Ó kéré jọjọ."

"O tún fi aṣọ nù ún."

"Mo kàn nù ún kó lè mọ́."

"Ratomir ọmọ Lazo, ṣé èso lo fẹ́ kí n wò fún ọ ni, àbí ìyàwó lo fẹ́ kí n bá ọ tọrọ?" Ó yí ojú fóònù sí i. "Ṣílíva tó wà ní àlàáfíà kì í dán. Ẹfun ara rẹ̀ ló yẹ kó sọ fún mi pé ọwọ́ ò tíì fi í ṣeré, pé ó ṣì tutù. O ti nu ẹnu rẹ̀ nù, báwo ló ṣe máa sọ̀rọ̀? O wá tẹ́ aṣọ pupa sábẹ́ rẹ̀, o fi oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàn án. Nínú irú ìmọ́lẹ̀ yẹn, kùkúmbà gan-an á dàbí èyí tó pọ́n."

"Ó dúdú. Ó sì rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́."

"Ó dúdú lóòótọ́. Ṣílíva máa ń wọ aṣọ aró tipẹ́tipẹ́ kó tó ní adùn tó lè fi ṣe àlejò. Awọ rẹ̀ kì í purọ́, àwa là ń gbọ́ ohun tí kò sọ. Ọrùn rẹ̀ ni kóo wò, níbi tí igi ti so ó kọ́. Bó bá ti pọ́n fún ràkíyà, ibẹ̀ á hunjọ. Tìrẹ wọ̀nyí, ọrùn wọn tẹ́jú bíi ti ọmọ ìkókó, síbẹ̀ o ní wọ́n rọ̀. Èyí tó rọ̀ tí ọrùn rẹ̀ ò hunjọ, kí ló mú un rọ̀? Níbo lo tiẹ̀ ti já wọn?"

"Mi ò já wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ pọ́n ni. Mo kàn fọwọ́ kan ẹ̀ka, wọ́n wá bá mi fúnra wọn."

Ẹnjiníà fa fóònù súnmọ́ ojú. Ó na fọ́tò náà gbòòrò. Lára ṣílíva kan ní igun aṣọ, ohun kan ń tàn bí ẹ̀kán omijé.

"Kí lèyí?"

"Oyin ni. Adùn ló ń yọ síta."

"Oyin kọ́. Oje ni. Bí nǹkan bá dá ihò sí ṣílíva lára, oje ló fi ń dí i. Àwọn tó kọ́kọ́ dúdú lára igi, tó kọ́kọ́ rọ̀, tó ń já fúnra wọn, àwọn aláìsàn ni, Ratomir. Kòkòrò wà nínú wọn, òun ló ń lé wọn sáré. Gbogbo èyí tó kù lórí igi ṣì tutù. Àwọn arẹwà tóo tò sórí aṣọ yìí ló ń tàn ọ́."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ Ratomir lára, torí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ ènìyàn ló ti máa ń wá òkò.

Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì tẹ oko mi láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ṣubú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n lọ àwòrán yín bí aṣọ ìjáde, òróró díẹ̀ tí mo fi pa èso lẹ wá ń bá mi wí lé lórí."

Mo wo inú ife kọfí mi. Kò sí nǹkan níbẹ̀, àmọ́ mo wò ó dáadáa.

Nígbà tó yá, Ẹnjiníà ní, "Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi mí pọn ràkíyà."

Ratomir ti sọ̀ kalẹ̀ lọ. Obìnrin náà ń wo àtẹ̀gùn. Mo rò pé yóò bú u, àmọ́ ìgbà tó la ẹnu, ó ní, "Bó bá gbọn igi yẹn lọ́la, omi lásán ni ọmọ náà máa fi gbéyàwó. Tíṣà, lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù mi, kóo mú abọ́ tánganran funfun kan."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Kí n gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èso, kí òun lè mọ ohun tí funfun ń jẹ́ nínú fọ́tò náà. Bí abọ́ bá pọ́n, òun á mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń purọ́. Kí n dúró sábẹ́ òjìji, kí n má dúró nínú oòrùn. Kí n má nu nǹkan kan. Kí n ya ọrùn èso, kí n ya ibi tí èso méjì ti fara kan ara wọn, torí ibẹ̀ ni àrùn ti ń kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì. Kí n gé ọ̀kan lórí abọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Ratomir nínú oko. Ó ti tẹ́ aṣọ ńlá sábẹ́ igi, ọ̀pá ìgbọngi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí abọ́, ó mọ ilé tó ti wá.

"Tíṣà, ẹ̀yin náà ti di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀."

"Kọfí rẹ̀ dùn," mo ní. "Gé ọ̀kan fún mi nínú àwọn arẹwà tàná, kí n lè lọ jíṣẹ́ pé ìwọ lo jàre."

Ó yọ ọ̀bẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró gan-an, ìdin pupa rẹ́súrẹ́sú kan gbé orí sókè láàárín ìgbẹ́ ara rẹ̀, bí onílé tí wọ́n jí lójijì. Ratomir nu ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò. Ó gé òmíràn, ó bá ẹbí rẹ̀ níbẹ̀. Ó gé ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó fa ẹ̀ka òkè kan wálẹ̀, ó já èyí tó ṣì di igi mú, tí ẹfun bo ara rẹ̀, ó gé e. Kò sí kòkòrò. Àmọ́ ẹran inú rẹ̀ tutù bí ewé, ó lẹ̀ mọ́ kóró, kò fẹ́ já.

Ó gbé ọ̀pá ìgbọngi ti igi. Ó ní, "Ẹ ya á. Ẹ ya gbogbo rẹ̀."

A ya igi lọ́kọ̀ọ̀kan, abọ́ funfun ń tẹ̀ lé wa, fọ́tò ń lọ sọ́dọ̀ Ẹnjiníà. Fóònù Ratomir dún kí a tó dé ìparí oko. Ohùn Ẹnjiníà ló jáde, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Gbogbo èyí tí oje bá wà lára rẹ̀, já a. Gbogbo èyí tó ti bọ́ sílẹ̀, ṣà á. Má fi wọ́n sílẹ̀ sábẹ́ igi, kó wọn jáde nínú oko pátápátá. Èyí tó kù, fi í sílẹ̀."

"Òjò ńkọ́, Ẹnjiníà?"

"Èyí tó ti rọ̀ ni òjò máa là. Èyí tó ṣì le yóò gbọn omi nù. Ihò ni ìdíbàjẹ́ máa ń wá kiri. Má fi ihò kankan sílẹ̀ dè é."

Òjò dé, kò sì kánjú lọ. Bogoljub ti gbọn gbogbo tiẹ̀ kó tó rọ̀, èso rẹ̀ ti wà nínú àgbá, ó ń hó, ó sì ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. "Ratomir," ó kọ ọ́, "ṣé o ṣì ń fún àwọn tìrẹ lọ́mú ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kosara náà pè láti Novi Sad pé kí ló dé tí bàbá òun ń fi ọtí ọmọ òun ta tẹ́tẹ́. Fún ọmọ rẹ̀, Ratomir kàn ní, "Wọ́n ń wò ó." Ó wá ń ya fọ́tò lójoojúmọ́ nínú òjìji, abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì fi sí gbangba mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè nìkan ló ń fi í ránṣẹ́ sí.

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn mú kí Ẹnjiníà gbé ife sílẹ̀. Fọ́tò náà dára lójú tèmi. Ó na igun kan gbòòrò. Láàárín èso mẹ́ta tó so pọ̀, ọ̀kan ní àmì àwọ̀ ilẹ̀ tó rí róbótó, tí nǹkan bí eérú to yíká lórí rẹ̀ bí òrùka nínú òrùka.

"Ìbu ni, ìdíbàjẹ́ tó ń ràn," ó ní. Ó ti ń pe Ratomir. "Kì í ṣe pé ó forí gbá ẹ̀ka. Ibi tí èso bá ti fara gbá máa ń pọ́n bí ilẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í hu eérú. Èyí ti hu. Já òun àti méjèèjì tó fara tì í, bí wọ́n tiẹ̀ dára lójú rẹ. Kóo tó fọwọ́ kan òmíràn, fọ ọwọ́ rẹ."

"Àwọn méjì yẹn dára, Ẹnjiníà. Mo wò wọ́n."

"Mo mọ̀ pé wọ́n dára. Já wọn."

Ó já wọn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tó di ọjọ́ kejì, nínú garawa tó kó wọn sí, àwọn méjèèjì ti yọ òrùka eérú tiwọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí ìran. Èmi náà, tí mo ti ń jókòó ti obìnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí mò ń pè ní ojú tó mú kò tíì tó orúkọ tó yẹ kí n pè é. Kì í ṣe ohun tó wà nínú fọ́tò nìkan ló ń rí. Ó ń rí ọ̀la rẹ̀.

Òjò dá. Oòrùn oṣù kẹsàn-án wọlé, èyí tí kì í jóni. Bogoljub pọn ọtí rẹ̀, ó pè wá wá tọ́ ọ wò. Ó mọ́, ó le, òórùn ṣílíva sì kan ilẹ̀kùn láìwọlé. A yìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa.

Lọ́jọ́ kan, fọ́tò Ratomir tún bọ́ sí gbangba. Ṣílíva kan ṣoṣo ni, lórí abọ́ funfun, nínú òjìji. Kò dán. Ẹfun ti bò ó bí eruku àjà, ọrùn rẹ̀ ti hunjọ bí àpamọ́wọ́ tí wọ́n fi okùn fà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìdajì òmíràn wà, ẹran inú rẹ̀ ti di àwọ̀ oyin, kóró sì ti bọ́ kúrò fúnra rẹ̀, ó dá dúró mímọ́ tónítóní. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Bogoljub béèrè bóyá ó ti kú.

Ẹnjiníà ya irun rẹ̀. Ó kun ètè. Ó wo fọ́tò náà pẹ́, ju bí iṣẹ́ náà ṣe gbà lọ, mo sì rí i tó rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni rí ojúlùmọ̀. Ohun tó kọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Gbọn."

Ìgbà tí èso hó tán nínú àgbá, tí wọ́n gbé ìkòkò bàbà ìpọntí dé àgbàlá Ratomir, wọ́n fi tírákítọ̀ lọ gbé Ẹnjiníà. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò gbà. Ó jókòó sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó dé fìlà tó ní ìyẹ́, ó sì ń kí àwọn ènìyàn lọ́tùn-ún lósì bí ìyàwó ààrẹ. Wọ́n bu ràkíyà tó ti parí fún un nínú ìgò kékeré. Ó gbọ̀n ọ́n, ó ka bí ìfófòó ṣe pẹ́ tó létí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi kan ahọ́n. A ń dúró.

"Kì í ṣe fún orúnkún," ó ní.

Ratomir yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní èéfín ló wọ òun lójú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èéfín náà tó jáde.

Wọ́n rọ ọtí náà sínú àgbá Vukan, wọ́n dé e. Ratomir ní òun fẹ́ ya Ẹnjiníà ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá náà, kí ọmọ náà lè rí i lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kíá, Ẹnjiníà ti yọ dígí kékeré jáde.

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ kí oòrùn rọlẹ̀," ó ní. "Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ a máa dára lábẹ́ àjàrà yẹn."

Ratomir wọ ilé ìdáná, ó jáde pẹ̀lú abọ́ tánganran funfun, ó nà án sí i.

Obìnrin náà wo abọ́. Ó wo Ratomir. Ó tún wo èmi, mo sì wo ìkòkò bàbà.

"Abọ́ mi nìyẹn," ó ní.

"Abọ́ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, nínú òjìji, Ẹnjiníà."

Ẹnjiníà gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ ti àga. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà, ó ní kí n gbé àga òun sábẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn ò dé, ó gba abọ́, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bó ṣe yẹ kéèyàn gbé e.

"Ọrùn mi ńkọ́?" ó béèrè.

Ratomir sún fóònù mọ́ ọn, ó wò ó fínnífínní.

"Ó ti hunjọ dáadáa," ó ní.

Ẹnjiníà gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ kí ọrùn náà lè hàn. Àmọ́ kò nu ètè tó kùn.